Pẹ́ńtì férémù ilẹ̀kùn ń wú: ṣé ikán ti gun òrùlé ni?

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ní Mọ̀kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo gbé wá. Bọ́ńgálò ni, ọdún 1986 ni bàbá kọ́ ọ. Páànù ló wà lórí, àjà rẹ̀ sì jẹ́ pátákó àsíbẹ́sítọ̀ ayé ìgbà yẹn. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni pẹ́ńtì ara férémù ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, èyí tó fara ti ògiri balùwẹ̀, ti ń wú tó sì ń hunjọ. Ilẹ̀kùn náà kì í fẹ́ pa dé mọ́, àfi kéèyàn fi èjìká tì í. Káfíńtà àdúgbò wò ó, ó ní omi òjò ni, ká ra férémù tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ikán ni, pé ó ti gun òkè, ká tú òrùlé palẹ̀. Owó òrùlé ò sí nílẹ̀. Kí ni mo lè fọwọ́ ara mi yẹ̀ wò kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn? Kò sí òkìtì ògán kankan nínú àgbàlá wa o.

Bàbá Onílé Ẹ̀gbẹ́dá

Ikán ni. Ilẹ̀kùn tí ò bá pa dé mọ́, ikán ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà yẹn tàn yín. Ẹ lọ bá mẹkáníìkì, ẹ gba kọ́ńdẹ̀mù, ẹ fi kun gbogbo igi tójú yín bá rí. Bí a ṣe ń ṣe é láyé àwọn ológun nìyẹn, ilé wa ṣì dúró. Ẹ sì bèèrè irú igi tí bàbá fi kan òrùlé. Bó bá jẹ́ ìrókò, ẹ lọ sùn, ikán ò lè rí i jẹ.

Káfíńtà Onípáànù

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo fara mọ́.

Ilẹ̀kùn tó ń há kò tó ẹ̀rí. Omi lásán máa ń mú igi wú, ó sì máa ń mú pẹ́ńtì bó. Ikán náà máa ń gbé ọ̀rinrin wọ inú igi, ìyẹn ló fi ń wú, tójú wa kò fi lè yà á sọ́tọ̀ láti òkèèrè. Àbúrò, mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, la ibi tó wú yẹn, kó gùn tó ìka kan péré. Bó bá jẹ́ omi nìkan, igi abẹ́ rẹ̀ á tutù, á dúdú díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ á wà lódindi. Bó bá jẹ́ ikán, wàá bá erùpẹ̀ nínú igi. Wàá sì rí i pé ó ti jẹ ibi tó rọ̀, ó fi ibi tó le sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó ń tọ ìlà igi náà lọ. Erùpẹ̀ yẹn ni kó o wá. Òjò kì í kó erùpẹ̀ sáàárín igi.

Ìdí tí kò fi hàn níta ni pé ikán inú ilẹ̀ kò fẹ́ afẹ́fẹ́, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ tètè ń gbẹ. Ó máa ń fi awọ tín-ín-rín sílẹ̀ lójú igi, nígbà mìíràn pẹ́ńtì nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù, á wá máa jẹun lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn á máa nu férémù lójoojúmọ́, kò ní mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, fi ẹ̀yìn sukudíráfà máa kan férémù náà láti ilẹ̀ lọ sókè. Má fò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ kó o tó tún kàn án. Igi tó pé á dún kọ́, kọ́. Èyí tínú rẹ̀ ti ṣófo á dún pò, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ohùn ti yí padà. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí àwa káfíńtà máa ń ri ẹsẹ̀ férémù bọ kọnkéré ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ikán ń gbà wọlé tẹ́nikẹ́ni ò fi ní rí i.

Òkìtì tí kò sí kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ikán tó ń jẹ ilé kì í mọ òkìtì rárá, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ó sì lè jẹ́ abẹ́ yàrá gan-an.

Ní ti ìrókò, Bàbá, àárín igi náà ni ikán kì í fẹ́. Apá funfun tó wà létí, ikán ń jẹ ẹ́ dáadáa, àwọn ará sọ́míìlì sì máa ń fi í sílẹ̀ lára pákó kí owó lè pé. Kọ́ńdẹ̀mù kì í wọ inú igi jìnnà, kò sì dé ẹsẹ̀ férémù tó wà nínú kọnkéré. Ẹ tún rántí pé epo ni kọ́ńdẹ̀mù, wáyà iná sì gba inú àjà kọjá.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà ń ṣẹ̀ mí. Wọ́dírọ́ọ̀bù tí mo rà lọ́dún tó kọjá, bí mo bá ti gbálẹ̀ láàárọ̀, tó bá di alẹ́, ìyẹ̀ funfun á tún ti dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo rí àwọn ihò kéékèèké lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti fọ́n oògùn ikán síbẹ̀, mo da kẹrosíìnì sí i, kò gbọ́. Ṣé ilẹ̀ ilé wa ni ikán náà ti ń wá? Mo ti ń ronú àtikó kúrò níbẹ̀.

Tísà Àgírìkì

Ẹ má kó kúrò o, Ìyá Ìbejì. Ikán inú ilẹ̀ kì í lu ihò róbótó sí ìta igi kó sì máa da ìyẹ̀ sílẹ̀. Erùpẹ̀ ló máa ń fi bo ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bu ìyẹ̀ yẹn díẹ̀, ẹ fi ìka méjì rà á. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, kòkòrò igi ni. Inú pákó ló ti bá wọ́dírọ́ọ̀bù yín wá láti ilé káfíńtà. Ó fẹ́ràn igi tó fúyẹ́ tó sì funfun, bí arère àti afàrà. Ihò tí ẹ ń rí ni ibi tó ti jáde nígbà tó dàgbà, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó ti ṣe nínú lọ́hùn-ún ti pẹ́ ju ìgbà tí ẹ rí ihò. Ẹ gbé wọ́dírọ́ọ̀bù náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga yòókù.

Bó bá ṣe pé hóró kéékèèké tó le ni, tó ń yí lábẹ́ ìka, tí ẹ bá sì fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, tí ẹ rí i pé ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, ikán inú igi gbígbẹ nìyẹn. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Òun kì í wá ilẹ̀ rárá, inú àga kan ṣoṣo ló lè gbé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Etí òkun, lápá Èkó àti Bàdágìrì, ni mo ti máa ń rí i. Mi ò tíì bá a pàdé l'Ọ̀ṣogbo.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ó kúnná. Ẹ ṣeun. Káfíńtà tó tà á fún mi kò gbé fóònù mi mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Mò ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, ẹni tó ń bá mi mójú tó o fi fídíò ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ẹ̀sunsun ló kún ojú gílóòbù fọ́fọ́, ìyẹ́ wọn bo ilẹ̀. Ó ní ká dá kíkan òrùlé dúró ká kọ́kọ́ ra oògùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ti ń sọ ọ́ níhìn-ín? Oògùn wo ni kí n rà?

Káfíńtà Onípáànù

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yàtọ̀ sí ti Ọmọ Mọ̀kọ́lá. Ẹ̀sunsun tó wá bá iná láti ìta lẹ́yìn òjò, àlejò ni. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fò lásìkò yìí, kò sọ nǹkan kan nípa igi yín. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń ti inú ògiri, ẹsẹ̀ férémù tàbí etí àjà jáde bọ́ sínú yàrá, tàbí tí ẹ bá bá ìyẹ́ wọn jọ síbì kan ṣoṣo nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì tí iná ò sì sí. Ìyẹn fi hàn pé ilé náà ni wọ́n ti gbéra. Ẹ ní kó pa iná, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí wọ́n ti ń jáde. Oògùn ìpìlẹ̀ dára kẹ́ ẹ tó da kọnkéré ilẹ̀, àmọ́ ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Mo ti ṣe é. Mo la pẹ́ńtì náà, erùpẹ̀ tútù ló wà nínú rẹ̀, mo sì rí àwọn kòkòrò funfun bíi mélòó kan tí wọ́n sá wọlé. Ikán ni, kò sí iyèméjì. Ohun tó rú mi lójú ni ohùn rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orókún ló ń dún pò. Láti orókún dé èjìká, kọ́ kọ́ ni, kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tí mo gun àga dé òkè, níbi tí férémù ti kan àtẹ́rígbà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún pò. Báwo ni ikán ṣe fo àárín? Kò sì sí ọ̀nà erùpẹ̀ kankan lójú ògiri, mo wò ó nínú, mo wò ó níta.

Bàbá Onílé Ẹ̀gbẹ́dá

Ṣé mo wí i. Ẹ lọ ra kọ́ńdẹ̀mù.

Káfíńtà Onípáànù

Kò fo àárín. Ẹ̀yìn férémù ló gbà. Búlọ́ọ̀kù tí bàbá fi kọ́ ilé ní ihò nínú, bí wọ́n bá sì tò ó léra, ihò wọ̀nyẹn di ọ̀nà tó ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ikán ń gba inú rẹ̀ gòkè bó ti wù ú, kò nílò láti mọ ọ̀nà sójú ògiri. Páìpù wáyà iná náà máa ń ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá erùpẹ̀ lójú ògiri nìkan, tí kò rí i, tó sì lọ sùn, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Èyí tó dún pò lókè yẹn ni mo fi ń sọ pé kó o gun àjà. Mi ò sọ pé òrùlé ti bàjẹ́ o. Mo ní ikán ti dé ibi tó lè ti mú un.

Fètí sílẹ̀ dáadáa nítorí àsíbẹ́sítọ̀ yẹn. Má gún un, má gé e, má sì gbá eruku orí rẹ̀, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Gba ẹnu ihò àjà tó wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ní kí wọ́n tú pákó etí òrùlé kan níta lọ́gangan ibi ilẹ̀kùn yẹn, kó o yọjú láti orí àkàbà. Àárọ̀ ni kó o lọ, kí páànù tó gbóná. Bó o bá gbọ́dọ̀ wọlé, má tẹ pátákó àjà láéláé, má sì tẹ igi tí o kò tíì kàn.

Wọ́ọ̀lù-pléètì ni kó o kọ́kọ́ wò, ìyẹn igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri tí ráfítà jókòó lé. Òun ló sún mọ́ búlọ́ọ̀kù jù, òun ni ikán máa ń kọ́kọ́ bá. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, má tàn án lójúkojú, kí òjìji lè fi ibi tó ga hàn ọ́. Ọ̀nà erùpẹ̀ tó fẹ̀ tó bírò lò ń wá. Lẹ́yìn náà, wo ẹsẹ̀ ráfítà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti jókòó. Kàn án, kó o sì fi sukudíráfà pẹlẹbẹ tì í, ní ìlà igi, pẹ̀lú agbára ọwọ́ kan péré. Igi tó dára á kọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ti jẹ á gbà á wọlé. Fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó wọlé sára igi náà.

Tísà Àgírìkì

Kí n fi kún un: bó o bá rí ọ̀nà erùpẹ̀, má wó gbogbo rẹ̀. Fọ́ àárín rẹ̀ bí ínṣì kan, fi orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti fi erùpẹ̀ tútù dí i, wọ́n ṣì ń lò ó. Bí kò bá dí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n yà síbòmíràn, nítorí náà èyí tí kò dí kò dá ilé láre. Tún kan igi náà lẹ́ẹ̀kan, kó o dákẹ́. Nígbà mìíràn, àwọn jagunjagun wọn á fi orí lu igi, wàá gbọ́ ohùn kékeré kan tó ń dún tì-tì-tì.

Bàbá Onílé Ẹ̀gbẹ́dá

Èmi ò tíì gbọ́ ohùn ikán rí láyé mi.

Tísà Àgírìkì

Rédíò yín ń pariwo ni, Bàbá.

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gòkè, ihò àjà wà lórí kọ́rídọ̀. Ohun tí mo rí rèé.

Wọ́ọ̀lù-pléètì tó wà lórí ògiri balùwẹ̀ ní ọ̀nà erùpẹ̀ tútù lára, ó yọ láti inú ihò búlọ́ọ̀kù gan-an bí ẹ ṣe wí. Sukudíráfà wọ ibẹ̀ tó ínṣì kan láìjanpata. Ráfítà tó jókòó lé e lọ́gangan ibẹ̀, tú-báì-fọ́ọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pò fún bí ẹsẹ̀ bàtà kan, sukudíráfà wọ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdajì ínṣì. Ráfítà tó wà lápá òsì àti tọ̀tún rẹ̀ kọ sukudíráfà pátápátá. Àwọn pọ́línì abẹ́ páànù náà dára. Mo fọ́ ọ̀nà erùpẹ̀ yẹn bí Tísà ṣe sọ, wọ́n ti dí i padà. Ní igun kejì, lórí pálọ̀, mo rí ọ̀nà àtijọ́ kan tó ti gbẹ, mo fọ́ òun náà, kò sẹ́ni tó dí i, igi ibẹ̀ sì dún dáadáa.

Mo tún rí nǹkan kan tí n kò retí: páìpù tó ń gbé omi lọ sí balùwẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri yẹn. Ògiri náà tutù láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí.

Káfíńtà Onípáànù

O ṣiṣẹ́. Páìpù tó ń jò yẹn ló ń fún wọn lómi, òun sì ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan igi. Ikán á máa gbàyè nínú ògiri tó bá ń rin báyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ jàre lórí pé ikán ti gòkè, àmọ́ kò sí ohun tó kan títú òrùlé. Ọ̀ràn rẹ jẹ́ apá kan wọ́ọ̀lù-pléètì àti ẹsẹ̀ ráfítà kan. Má fojú kékeré wo ẹsẹ̀ ráfítà yẹn ṣá. Ìdajì ínṣì kúrò ní etí ìsàlẹ̀ burú ju ìdajì ínṣì kúrò láàárín lọ, torí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ igi ló ń gbé ẹrù jù nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀. Ohun tí sukudíráfà wọ̀ kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ti jẹ, wọ́n máa ń ṣáájú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tèmi, màá gbé ọ̀pá sábẹ́ ráfítà yẹn kó dá ẹrù dúró, màá gé wọ́ọ̀lù-pléètì náà kúrò títí dé ibi tó ń dún kọ́, màá fi òmíràn rọ́pò. Fún ráfítà, màá fi tú-báì-fọ́ọ̀ tuntun pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó kọjá ibi tó bàjẹ́ wọ ibi tó dára ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin, bóòtù ni màá fi dè é, kì í ṣe ìṣó nìkan.

Bàbá Onílé Ẹ̀gbẹ́dá

Káfíńtà, mi ò gbà. Ráfítà tí ikán ti tọ́ wò, ẹ yọ ọ́ sọnù pátápátá. Ẹ ń fi èyí tuntun ti èyí tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́, oúnjẹ lẹ tún gbé fún wọn yẹn.

Káfíńtà Onípáànù

Ibẹ̀ yẹn, Bàbá, òótọ́ wà níbẹ̀. Bí a kò bá kọ́kọ́ já wọn kúrò nílẹ̀, èyíkéyìí tí a bá ṣe, wọn á padà. Àmọ́ yíyọ ráfítà odindi á mú kí a ṣí páànù, páànù 1986 tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà kì í ṣí láì ya. Ìnáwó ló ń yà wá, kì í ṣe ọgbọ́n.

Àbúrò, àwọn tó ń ṣe oògùn ikán máa ń lu ihò sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á da oògùn sínú rẹ̀ kó di ààlà láàárín ilẹ̀ àti ilé. Ìbéèrè kan: ṣé kànga wà nítòsí balùwẹ̀ yẹn?

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Ó wà o. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ náà gan-an ni, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Omi rẹ̀ la fi ń fọ nǹkan, ìyá wa sì ń sè é mu.

Tísà Àgírìkì

Nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oògùn kankan sílẹ̀ ní apá ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa wá wo kànga yẹn fúnra rẹ̀. Bó bá wò ó tán tó ní kò séwu, ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Káfíńtà Onípáànù

Mo fara mọ́ Tísà. Bí kò bá sí oògùn, ohun tó kù ni pé kó o dá jíjò dúró, kí ògiri gbẹ, kó o gé ẹsẹ̀ férémù yẹn kúrò nínú kọnkéré kó o sì fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì mẹ́fà, kó o wá máa gòkè lọ fọ́ ọ̀nà wọn lóṣooṣù títí wọn kò fi ní dí i mọ́. Mo ti rí ibi tó ṣiṣẹ́, mo sì ti rí ibi tí wọ́n kàn gba ògiri kejì. Mi ò lè ṣèlérí.

Bó o bá lọ ra pákó ní Bódìjà, gbé e síta sínú oòrùn kó o tó sanwó. Èyí tí etí rẹ̀ bá funfun ju àárín rẹ̀ lọ, ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, wọn ì báà pè é ní ìrókò.

Ọmọ Mọ̀kọ́lá

Púlọ́ńbà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ pé ká tú òrùlé. Mo ti ní kó wá gun àkàbà kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ráfítà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹni tó ń bá mi mójú tó ilé ti pa iná bí ẹ ṣe wí. Ó ní wọ́n ò ti ibì kankan jáde, pé ojú fèrèsé tí a kò tíì kàn ni wọ́n gbà wọlé. Ó ṣì ń béèrè owó oògùn ṣá.